Níbo ni kí n ti gé e? Pípín ọ̀rọ̀ tó ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì sí sílébù

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́, Ìgbóná, Òṣogbo

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ní Ìgbóná níbí, Yorùbá lọ́jọ́ Ajé, Gẹ̀ẹ́sì ní Ọjọ́rú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí wọ́n pín ọ̀rọ̀ mélòó kan sí sílébù. Méje nínú ọmọ mọ́kànlá ló kọ Ò-ṣog-bo. Wọ́n kọ ọg-bọ́n. Wọ́n kọ bán-kì. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní wọ́n ti sọ fún àwọn níléèwé pé bí kọ́ńsónáǹtì méjì bá pàdé, àárín wọn la ti ń gé e.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú mi rí. Mo pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fún wọn, /ˈɪnstrəmənt/, orúkọ tí wọ́n ń pe ohun èlò orin. Ọmọ kan dìde, ó ń pàtẹ́wọ́ sí i: í-ń-sí-tú-rú-mẹ́-ń-tì. Mẹ́jọ gbáko.

Mo mọ̀ pé mẹ́ta ni. Ohun tí mi ò lè là yé e ni ibi tí ààlà wà. Láàárín fáwẹ̀lì kìíní àti ìkejì, kọ́ńsónáǹtì mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn: n, s, t, r. Èwo ló jẹ́ ti sílébù tó ṣáájú, èwo ló jẹ́ ti èyí tó tẹ̀ lé e? Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èmi fúnra mi gé e sí lórí pátákó kí n tó nù ún kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òfin kan wà?

Atẹ̀wé Òkè-Fìà

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ná mi lówó rí. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni, igba ẹ̀dà. Kọ̀ǹpútà gé ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìparí ìlà: "Òṣog" wà lókè, "bo" wà nísàlẹ̀. Inú bàbá ìyàwó ò dùn rárá, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Òfin gígé ọ̀rọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà yẹn, bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ Yorùbá, mo máa ń pa á, kí ọ̀rọ̀ tí ò bá gba ìlà bọ́ sí ìlà kejì lódidi. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má gé ọ̀rọ̀ rárá.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ti ìparí ìlà kọ́ ni mò ń bèèrè, ti ìró ẹnu ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ẹ̀rọ yín ṣe yẹn gan-an ni àwọn ọmọ mi ń ṣe.

Bọ̀dá Pátákó

Ẹ má dá àwọn ọmọ lẹ́bi jù. Òfin tí wọ́n kọ́ àwa náà nìyẹn: ìlàjì síwájú, ìlàjì sẹ́yìn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a sọ di dókítà, /ˈdɒktə/. k lọ sápá kan, t lọ sápá kejì: dɒk-tə. Ẹ wo ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé, /ˈætləs/. Bákan náà ni: æt-ləs. Bó bá wá jẹ́ mẹ́rin, ẹ pín in ní méjì méjì. n àti s dúró lẹ́yìn, t àti r lọ síwájú. ɪns-trə-mənt. Ó parí.

Ìyá Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, ẹ kú ìfaradà. Èdè méjèèjì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ, wàhálà méjì ni mo sì rí tó lọ́ mọ́ra nínú ìbéèrè yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ti Yorùbá sílẹ̀.

Èdè wa kò ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Gbogbo sílébù ní odo, níbi tí ohùn ń gbé. Kọ́ńsónáǹtì kan péré lè ṣe apààlà níwájú odo yẹn. Lẹ́yìn odo, kò sí nǹkan kan. Ọmọ tó bá fi g parí sílébù Yorùbá ti ṣì í, ẹ ò tiẹ̀ ní láti mọ ọ̀rọ̀ tó ń pín kí ẹ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà ló ń tan àwọn ọmọ jẹ. Ojú wọn rí g, ó tún rí b, wọ́n ní méjì ni. Ẹ ní kí wọ́n pe gb lọ́ra, kí wọ́n fiyè sí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n. Ìgbà kan náà ni wọ́n pa dé, ìgbà kan náà ni wọ́n ṣí. Kọ́ńsónáǹtì kan ni, lẹ́tà méjì la kàn fi ń kọ ọ́. Torí náà, Ò-ṣo-gbo. Ọ-gbọ́n. n tó wà nídìí ọgbọ́n kò sì jẹ́ kọ́ńsónáǹtì rárá. Ó ń sọ fún wa pé imú ni ká fi pe fáwẹ̀lì náà. Ẹ ní kí wọ́n pe ọgbọ́n kí wọ́n sì dúró síbẹ̀: ahọ́n wọn ò ní kan òkè ẹnu.

n inú báńkì yàtọ̀. Ó ní ohùn tirẹ̀, ohùn òkè, ó sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí odo láìsí fáwẹ̀lì lára rẹ̀. Bá-ń-kì, mẹ́ta.

Ó wá ku Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú odo lè tó mẹ́ta, èyí tó tẹ̀ lé e lè tó mẹ́rin. Bí ìṣùpọ̀ bá há sáàárín fáwẹ̀lì méjì, ẹ má kà á láti iwájú wá. Ẹ lọ dúró ti fáwẹ̀lì kejì, kí ẹ máa fa kọ́ńsónáǹtì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó fi èyí bẹ̀rẹ̀? Níbi tí ìdáhùn bá ti di rárá, ibẹ̀ ni ààlà.

Ẹ wo tiyín. Ẹ fa r: ó wà, òun ló bẹ̀rẹ̀ ráìsì, /raɪs/. Ẹ fa t kún un, ó di tr: òun ló bẹ̀rẹ̀ tírélà, /ˈtreɪlə/. Ẹ fa s, ó di str: òun ló bẹ̀rẹ̀ /striːt/ tí àwa sọ di títì. Ẹ wá fa n, ó di nstr. Ẹ wá a títí, kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi í bẹ̀rẹ̀. n nìkan ni ẹ máa fi sílẹ̀ fún sílébù àkọ́kọ́. ɪn-strə-mənt.

Bọ̀dá, ẹ̀yin fi s sẹ́yìn nígbà tí àyè ṣì wà fún un níwájú. Ẹ gba dókítà àti /ˈætləs/ nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi kt bẹ̀rẹ̀, kò sì sí èyí tó fi tl bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sí i fún yín ni, pípín sí méjì kọ́ ló ṣe é. Ẹ fi òfin yín gbé pẹtiróòlù wò, /ˈpetrəl/. tr lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, torí náà pe-trəl ni.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀wọ́ mà, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ọmọ mi ọdún mẹ́rin, búrẹ́dì ló ń sọ, kíláàsì ló ń sọ. Wọ́n ní níléèwé pé kó máa sọ ọ́ bí òyìnbó, pé ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ẹ̀rù ti ń bà mí. Ṣé kí n gbé e lọ rí dókítà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè, Òkè-Baálẹ̀

Mọ́mì, ahọ́n rẹ̀ dá ṣáṣá. Sílébù kan ni /bred/ ní Gẹ̀ẹ́sì: b àti r ló ṣáájú odo, d ló tì í lẹ́yìn. Yorùbá ò gba kọ́ńsónáǹtì méjì níwájú, kò sì gba ọ̀kan lẹ́yìn. Kò sí èyí tí a fẹ́ jù nù, nítorí náà a fún b ní fáwẹ̀lì tirẹ̀, a fún d ní tirẹ̀: bú-rẹ́-dì. Ó di mẹ́ta. Ọmọ yín ti mọ òfin èdè rẹ̀ kó tó mọ ìwé kà. Bó bá ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, á kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì náà.

Ohun tí ọmọ tó ka mẹ́jọ ṣe náà nìyẹn, tíṣà. Kò ṣì í kà. Ó ka ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe ń pè é lẹ́nu Yorùbá, mẹ́jọ sì ni lóòótọ́ lẹ́nu Yorùbá. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé èdè wo ló ń kà.

Ọmọ Àyàn

Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ apààlà, ìlù ni mo mọ̀. Bí mo bá fi dùndún pe báńkì, kọ̀ǹgọ́ kan ìlù lẹ́ẹ̀mẹ́ta: òkè, òkè, ìsàlẹ̀. Ọgbọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì: àárín, òkè. Òṣogbo, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: ìsàlẹ̀, àárín, àárín. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ lu g kan sọ́tọ̀ kúrò lára b. Kọ̀ǹgọ́ fúnra rẹ̀ nìyí, kọ̀-ǹ-gọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Tíṣà, ẹ fún àwọn ọmọ ní agolo àti igi, kí wọ́n lu ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dà mí láàmú ni orúkọ ìlú tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, Gbọ̀ngán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo máa ń lù ú, bíi Gbọ̀-n-gán. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀ẹ̀mejì ni, Gbọ̀n-gán. Èwo ni kí a mú?

Ìyá Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì

Ọmọ Àyàn, inú mi dùn sí ohun tí o kọ yìí ju ti gbogbo wa lọ. Ìdí tí ìlù fi ń ṣiṣẹ́ ni pé gbogbo sílébù Yorùbá ló ru ohùn tirẹ̀. Sílébù Gẹ̀ẹ́sì kì í ru ohùn bẹ́ẹ̀, torí náà agolo yẹn ò ní ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú. Wọ́n lè gbé ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, kí wọ́n ka iye ìgbà tí àgbọ̀n sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ fáwẹ̀lì tó fẹ́lẹ́ bíi /ə/ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì í. Kí wọ́n má gbára lé e.

Ní ti Gbọ̀ngán, èmi gbọ́ méjì. Fáwẹ̀lì aránmúpè ni mo gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹni tó gbọ́ mẹ́ta jà, nítorí pé bí a bá fa n yẹn díẹ̀, etí á gbọ́ ọ bí ẹni tó dá dúró.

Bọ̀dá Pátákó

Mà, mo gba ti dókítà lọ́wọ́ yín. Mi ò tíì gba ti pẹtiróòlù. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ mi fi àmì sẹ́yìn t: pet, lẹ́yìn náà rol. Ṣé ìwé náà ló ṣì í?

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè, Òkè-Baálẹ̀

Kí Ìyá wa tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí tr fi lè bẹ̀rẹ̀ tí rt ò sì lè bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọmọ á bèèrè. Bí ẹni ń gun òkè ni sílébù rí, odo ni ṣóńṣó rẹ̀. Bí a bá ń gòkè, ìró gbọ́dọ̀ máa dún sí i: t pa ẹnu dé pátápátá, r dún jù ú lọ, fáwẹ̀lì dún ju gbogbo wọn. Bí a bá kọjá odo, a ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, ìró á máa rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí pl fi ń bẹ̀rẹ̀ /pleɪ/ tí lp sì ń parí /help/. Ẹ pààrọ̀ wọn, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ò ní gbà á.

Àmọ́ ẹ má fi gígòkè yìí rọ́pò ìdánwò tí Ìyá wa fún yín. tl ń gòkè dáadáa, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà á níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ti s ló tún le jù. s dún ju t lọ, síbẹ̀ òun ló ń ṣáájú t nínú str, bí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ kó tó gòkè. Àwọn onímọ̀ kan ní s yẹn ò sí nínú sílébù gan-an, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Àwọn mìíràn ò gbà. Ohun tó dájú ni pé bí kọ́ńsónáǹtì Gẹ̀ẹ́sì bá pé mẹ́ta níwájú odo, s ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́, p tàbí t tàbí k ni yóò tẹ̀ lé e.

Ẹ tún fi èyí kún un: kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo pàápàá lè kọ̀ láti lọ síwájú. Akọrin ní Gẹ̀ẹ́sì ni /ˈsɪŋə/. Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi /ŋ/ bẹ̀rẹ̀, torí náà sɪŋ-ə ni. Sílébù kejì ò ní apààlà níwájú rárá.

Ìyá Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì

Ọmọ dáadáa. Bọ̀dá, ìwé yín ò ṣì í, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni àmì yẹn ń ṣe. Irú Atẹ̀wé wa ní Òkè-Fìà ni wọ́n fi í sí i fún: ibi tí wọ́n lè gé ọ̀rọ̀ ní ìparí ìlà. Wọ́n máa ń wo orísun ọ̀rọ̀ àti bí ojú ṣe máa kà á, ẹnu nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ibi tí wọ́n ti kọ ìpè, láàárín ìlà dídábùú méjì, ni kí ẹ wò.

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo èèyàn gba pe-trəl. Ẹ wo fáwẹ̀lì yẹn, /e/. Ó kúrú, òun ló sì gba agbára ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi irú rẹ̀ parí. Nítorí náà àwọn onímọ̀ kan máa ń fa kọ́ńsónáǹtì kan padà kó wá ti odo náà lẹ́yìn, wọ́n á ní pet-rəl. Àríyànjiyàn tòótọ́ ni, kò sì tíì parí láàárín wọn.

Ohun tí etí lè gbọ́ ni mo máa fi kọ́ ọmọ. Àwọn tó ń ṣe kẹ́mísìrì mọ /ˈnaɪtreɪt/, ó wà nínú ajílẹ̀. Ẹ pè é, kí ẹ wá pe owó tí wọ́n ń gbà lálẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, /ˈnaɪt.reɪt/. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ìtòtẹ̀léra kan náà. Nínú ti ajílẹ̀, t àti r lẹ̀ mọ́ra, wọ́n ń ṣe bí ẹni fẹ́ ya ìró ṣ. Nínú ti alẹ́, t dákẹ́ pẹ́ẹ́, r wá bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Ààlà ló yàtọ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀ nínú ti alẹ́, ojú ìsopọ̀ yẹn ò sì gbà kí t sá lọ síwájú. Bí ẹ bá ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gé e lójú ìsopọ̀ ná, kí ẹ tó máa fa kọ́ńsónáǹtì.

Bọ̀dá Pátákó

Mo pè é níwájú ìyàwó mi. Ó ní òun gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n pet-rəl ni mo máa dúró lé lórí níwọ̀n ìgbà tí àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ wà lẹ́yìn mi.

Ìyá Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì

Ẹ dúró lé e, Bọ̀dá. Kí ẹ ṣáà sọ ìdí yín fún àwọn ọmọ, kí ẹ má sọ pé nítorí pé kọ́ńsónáǹtì pé méjì.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. Mo ti lò ó. Lọ́jọ́ Ajé, agolo wàrà mọ́kànlá ló ń dún nínú yàrá kan, àwọn aládùúgbò wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ọmọ kan tó tún kọ Ò-ṣog-bo. Ọmọ méjì ṣì lu báńkì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí wọ́n fi ẹnu kọ ọ́ bí orin, wọ́n sì gbọ́ ohùn òkè kejì fúnra wọn.

Ní Ọjọ́rú, /ˈekstrə/ ni mo fún wọn. Wọ́n fa r, wọ́n fa t, wọ́n fa s, wọ́n dé k, wọ́n dúró. Wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tó fi kstr bẹ̀rẹ̀, wọn ò rí. ek-strə. Inú mi dùn gan-an. /ˈtʃɪldrən/ ló wá da iyàn sílẹ̀. Ọmọ tó ka mẹ́jọ níjọ́sí kọ tʃɪld-rən. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní torí pé ọmọ kan ṣoṣo ni tʃaɪld, d ti wà nídìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn sì kàn fi nǹkan kún un ni. Òmíràn ní kó wo dírẹ́bà, /ˈdraɪvə/, dr ló fi bẹ̀rẹ̀, torí náà tʃɪl-drən. Èyí ni mo gbà, mo gbọ́ d àti r tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ìyá wa, ṣé mo ṣe é dáadáa? Ojú ìsopọ̀ ni ọmọ àkọ́kọ́ ń sọ.

Ìyá Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì

Ẹ ṣe é dáadáa. Ọ̀rọ̀ méjì tó lè dá dúró ló so pọ̀ nínú owó alẹ́ yẹn. Èyí tí wọ́n fi kún tʃaɪld kò lè dá dúró, fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ náà sì ti yí padà kúrò ní /aɪ/. Ìsopọ̀ irú èyí ò lágbára tó láti dá d dúró. Ṣùgbọ́n ẹ fún ọmọ náà ní máàkì díẹ̀, ohun tó rí kò kéré.

Ọmọ Àyàn

Mo bi Bàbá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nípa Gbọ̀ngán. Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n gbé ìlù. Nígbà tí wọ́n ń yára, ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ̀ǹgọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n fà á fún àwọn tó ń jó, mo ka mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n tún un lù, wọ́n sì lù ú lẹ́ẹ̀mejì.